Létà tí mo kọ sáwọn ayálégbé mi, àti ìdí tí mo fi tún un kọ

Ẹ̀yin lándíọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ létà sáwọn ará ilé yín lọ́jọ́ tínú ń bí yín o. Èmi ti ṣe é rí. Ilé fúláàtì mẹ́fà ni tèmi n'Íkòròdú, mọ́tò márùn-ún ló ń sùn ńbẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá páàkì dí ẹlòmíì lọ́nà, a máa tú afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀ dànù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti fà á ya.

Ìgbà tí mo wá ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti bi wọ́n pé aago mélòó lẹ máa ń jáde, ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ aago ni, kì í ṣe oríkunkun. Ìyá nọ́ọ̀sì ló ń kọ́kọ́ wọlé nírọ̀lẹ́, torí náà ẹ̀yìn pátápátá ló ń páàkì sí, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ jáde láago márùn-ún ìdájí, ló bá di pé ó ń fọn fèrè tí gbogbo ilé ń jí. A fún un láàyè ẹ̀gbẹ́ géètì, ó parí. Mo sì ṣàlàyé nínú létà tuntun pé ihò ló wà lábẹ́ kọnkéré sọ́káwéè, kí mọ́tò kankan má gun orí ẹ̀, torí ó ti sán díẹ̀ létí, òórùn ti ń gba ibẹ̀ jáde.

Ti ìdọ̀tí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ làwọn píẹ́sìpí ń wá ládùúgbò wa. Ọbẹ̀ kíkan àti omi ẹ̀bà tí wọ́n ń dà sínú ọ̀rá ló ń di ìdin kí wọ́n tó dé. Mo ní kí wọ́n ro omi ẹ̀ dànù kí wọ́n tó so ọ̀rá lẹ́nu, mo lu ihò sídìí dúróòmù kí omi òjò má baà dúró, mo sì wá ọmọrí fún un nítorí ewúrẹ́.

Ti àlejò ló dùn mí jù. Mo ti kọ ọ́ sínú létà àkọ́kọ́ pé kò sálejò mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ. Ìyá ayálégbé kan ti Ìlọrin bọ̀, gósíló dá wọn dúró, wọ́n dé ní mẹ́sàn-án ààbọ̀, maigádì ò ṣí géètì, màmá àgbà jókòó lórí báàgì wọn níta, fóònù ọmọ wọn sì ti kú. Mo lọ bẹ màmá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tó wà nínú létà báyìí rèé: "Ẹ̀yin ará ilé wa, aago mẹ́wàá la ó máa ti géètì. Ẹ bá wa fi orúkọ àlejò yín sílẹ̀ lọ́wọ́ maigádì kílẹ̀ tó ṣú, tí wọ́n bá pẹ́ lọ́nà, yóò wá kan ilẹ̀kùn yín kí ẹ jáde wá mú wọn wọlé."