Igun sọ́kẹ́ẹ̀tì ni táìlì ti ń là: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ògiri ilé ìdáná

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ táìlì, ní Kúbwà, Lúgbẹ̀ àti Gwarínpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún oníbàárà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún un ní ọjà Déídéì nígbà tí táìlì bá là lẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Ẹ tú táìlì náà, ẹ yí i padà, ojú ibi tí ẹ̀rọ ti gé e kọjá igun yóò hàn síta.

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fa okùn tàbí bí a ṣe ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ẹ ti mọ ìyẹn. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ: igun sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò páìpù àti gíráòtì tí a fi ń dí àlàfo táìlì.

Àkọ́kọ́ ni igun sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ilé ìdáná kan ní Kúbwà. Táìlì ògiri sẹ̀ńtímítà 30 sí 60 ni wọ́n lò, ó nípọn mílímítà 8, wọ́n sì tẹ́ ẹ ní ìbú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, ó bọ́ sí etí ìsàlẹ̀ táìlì kan, nítorí náà wọ́n gé àyè onígun mẹ́rin kúrò ní etí náà. Ojú rẹ̀ dára lọ́jọ́ tí wọ́n parí. Kò pẹ́ oṣù mẹ́rin tí ìlà tín-ínrín bí irun fi bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ó dagun lọ títí dé etí òkè táìlì.

Nígbà tí wọ́n tú u, ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti gé táìlì kọjá igun ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 3. Gọ́ọ̀mù táìlì jẹ́ ìṣù márùn-ún péré, mẹ́rin ní igun táìlì àti ọ̀kan láàárín, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn igun tí wọ́n gé. Lẹ́yìn èyí ni oníná fi síkúrù gígùn fa ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri, ó sì fún un pinpin. Ẹ fojú inú wò ó: ike sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ti táìlì sẹ́yìn, ẹ̀yìn táìlì sì ṣófo. Ibi tí ẹ̀rọ ti gé kọjá ni kò lágbára jù, ibẹ̀ náà ló ti là. Ooru gáàsì tó ń wá tó ń lọ ló jẹ́ kí ìlà náà gùn.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń gé kọjá? Díìsì ẹ̀rọ náà jẹ́ róbótó. Tí díìsì ínṣì 4 àbọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹ̀yìn táìlì tó nípọn mílímítà 8, ibi tí ó gé ní ojú iwájú ti gùn ju ti ẹ̀yìn lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń gé títí tí igun ẹ̀yìn yóò fi já, ó ti ya ojú iwájú kọjá ìlà rẹ̀ kó tó mọ̀. Ike sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í sì í bo ju nǹkan bíi mílímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ. Ojú olójú méjì jẹ́ mílímítà 146 sí 86, ti olójú kan jẹ́ 86 sí 86.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ pa iná ilé náà láti bírékà, kì í ṣe síwíìsì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ tú ojú rẹ̀, ẹ wọn àpótí irin inú ògiri, ẹ fi mílímítà 2 kún un, kí ẹ sì fà á sí ojú táìlì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ lu ihò kékeré mílímítà 6 sí igun inú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bíìtì táìlì, láìtan hámà dírílì. Ihò róbótó yìí ló ń dá ìlà dúró, torí igun ṣóńṣó ni agbára máa ń kó jọ sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀rọ gé láti ihò dé ihò, kí ẹ dúró kí ó tó dé ihò, kí ẹ sì fi pínsà ṣẹ́ èyí tó kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi fáìlì dán etí rẹ̀. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ti àtúnṣe jẹ́ odindi ọjọ́ kan, tí irú táìlì náà bá ṣì wà lọ́jà. Òǹkà àwọ̀ tó wà lára páálí lè ti yàtọ̀.

Ẹ fi tíráwẹ́ẹ̀lì eléyín tẹ́ gọ́ọ̀mù sí ògiri, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn táìlì tí ẹ gé náà, kí ó kún títí dé etí àpótí. Ẹ kan án pẹ̀lú ẹyọ owó lẹ́yìn tó bá gbẹ. Bí ó bá dún bí agbè òfìfo, ẹ tú u kí oníná tó débẹ̀. Kí oníná náà ra síkúrù tó gùn tó, ṣùgbọ́n kí ó fún un títí tí ike fi kan táìlì, kó dáwọ́ dúró.

Nígbà ọyẹ́, ewu míì wà ní Àbújá. Eruku ti bo ògiri, afẹ́fẹ́ sì ń mu omi gọ́ọ̀mù kí táìlì tó dé ibẹ̀. Ẹ fi fóòmù tútù nu ògiri, ẹ tẹ́ ìwọ̀nba tí ẹ lè fi táìlì bò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án: bí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ há a kúrò. Ẹ má bu omi sí i kí ó lè rọ̀.

Ti páìpù kò gùn. Bíìtì róbótó oníhò tó ń gé táìlì ni kí ẹ lò, kí ihò fi díẹ̀ ju páìpù lọ, kí ojú ike tàbí irin róbótó tó ń bá ẹ̀rọ omi wá lè bò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní dídagun, kí ẹnìkejì máa da omi sí i. Àlàfo tó bá kù, sílíkóònù ni kí ẹ fi dí i, torí páìpù máa ń mì nígbà tí wọ́n bá ń ṣí omi, gíráòtì yóò sì já kúrò. Igun tí ògiri méjì ti pàdé náà, sílíkóònù ni.

Gíráòtì wá kù. Sìmẹ́ńtì funfun lásán ni ọ̀pọ̀ yín ń lò torí pé kò wọ́n. Ó máa ń súnkì, ó sì máa ń di lẹ́búlẹ́bú nínú ọyẹ́, èérí á wọlé. Bí àlàfo táìlì kò bá ju mílímítà 3 lọ, ẹ ra gíráòtì aláìníyanrìn. Yanrìn á tún họ ojú táìlì dídán. Lẹ́yìn gáàsì, níbi tí epo pupa àti ata ń ta sí, gíráòtì ẹpọ́ksì ló dára jù. Ó wọ́n, ó sì ń yára le, nítorí náà kí ẹ pò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì nu ojú táìlì kí ó tó gbẹ.

Tí ẹ bá lo ti sìmẹ́ńtì, ẹ dúró ọjọ́ kan lẹ́yìn táìlì, ẹ fi omi díẹ̀ rin àlàfo, ẹ pò ó kí ó ki bí ọṣẹ ìfọyín. Fóòmù tí ẹ fún dáadáa ni kí ẹ fi nù ún. Omi púpọ̀ ló ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ má dọ́gba. Nínú ọyẹ́, ẹ fọ́n omi sí i díẹ̀ láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.