Oòrùn Àná, Oòrùn Òní

Ṣàgámù, alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ilé Àlàájì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni mo wà láti àárọ̀. Wọ́n ń palẹ̀ obì mọ́ fún ọjà Sábó, mo sì bá wọn ṣa gbànja: èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ sápá kan, èyí tó dára lọ sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí. Nígbà tí àkókò ìrun Àyìlà tó, Àlàájì ṣe àlùwàlá, wọ́n tẹ́ ẹní wọn. Èmi náà bọ́ ọwọ́ àti ojú mi, mo lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé láti gba àdúrà ọ̀ranyàn kúkúrú tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Bàháì máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, láàárín ọ̀sán gangan sí ìgbà tí oòrùn bá wọ̀.

Mo ṣe tán, mo yíjú, mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ni Àlàájì ń wò.

"Ibo lo kọjú sí yẹn? Kíbúlà kọ́ nìyẹn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti Ṣàgámù níbí, Bájì tó wà lẹ́bàá ìlú Ákà, níbi tí wọ́n sin Bahá'u'lláh, Òjíṣẹ́ tó dá ẹ̀sìn Bàháì sílẹ̀, sí ní 1892, fi díẹ̀ sún sí apá òsì ju Mẹ́kà lọ. Ibẹ̀ ni a máa ń kọjú sí. Mo ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n padà jókòó sórí ẹní.

"Ẹ ní Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn, ẹ ní ẹ gba Ànábì Muhammad gbọ́, ẹ wá kẹ̀yìn sí ibi tí Ọlọ́run ní ká kọjú sí. Báwo ni tiyín ṣe jẹ́?"

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn dá wọn lóhùn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ohun tí à ń sọ ni pé kò sí ìyàtọ̀ nínú gbogbo ẹ̀sìn, kéèyàn ṣáà lọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, kó lọ mọ́sáláṣí lọ́la. A kì í sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá rán Àlàájì létí ìtàn kan tí àwọn fúnra wọn kọ́ mi ní ilé-kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré.

Nígbà tí Ànábì Muhammad dé Mẹ̀dínà, Jerúsálẹ́mù ni òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń kọjú sí kírun, fún nǹkan bí oṣù 16 tàbí 17. Bahá'u'lláh mú ìtàn yìí wá sínú ìwé rẹ̀ tí à ń pè ní Ìwé Ìdánilójú. Ó ní ìrun ọ̀sán ni wọ́n ń kí lọ́jọ́ náà, wọ́n ti kí ràkáà méjì, kí Jíbírílù tó mú àṣẹ wá pé kí Ànábì kọjú sí Mọ́sáláṣí Mímọ́. Àárín ìrun náà gan-an ló ti yí padà sí Káábà. Jìnnìjìnnì bo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn dá ìrun dúró, wọ́n sì fi ẹ̀sìn náà sílẹ̀.

Mo bi Àlàájì pé kí ló ṣe Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Wọ́n ní rárá, ti Ọlọ́run ni ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn fúnra wọn ló ka ááyà náà jáde. Mo ní ohun tí Bahá'u'lláh ń tọ́ka sí gan-an nìyẹn. Ìrun ò yí padà. Ẹni tí à ń kí i fún ò yí padà. Ibi tí ojú ń kọ sí ló yí, kí ó lè hàn bóyá Òjíṣẹ́ ni èèyàn ń tẹ̀ lé, àbí ibi tó ti mọ́ ọn lára. Bí a ṣe gbà pé ẹ̀sìn ń bọ̀ láti ìgbà dé ìgbà nìyẹn: ìmọ̀ Ọlọ́run, òtítọ́, ìfẹ́ àti àdúrà wà níbẹ̀ láti ìgbà Ábúráhámù, ṣùgbọ́n kíbúlà, ọjọ́ ààwẹ̀, òfin ìgbéyàwó àti ogún ni Òjíṣẹ́ tuntun lè yí padà gẹ́gẹ́ bí àkókò bá ṣe gbà.

Àlàájì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ìtàn kan borí. Wọ́n ní, "Ànábì kan náà ló yí i padà nínú ẹ̀sìn kan náà. Tiyín ńkọ́? Ẹlòmíràn ló dé lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Àlùkùránì sì ti ní Muhammad ni èdìdì àwọn Ànábì, òun ló kẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ èdìdì yìí ni mo ti ń retí láti àárọ̀. Mo sọ fún wọn pé àwọn kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá àkọ́kọ́ tó máa béèrè irú rẹ̀. Báb, Òjíṣẹ́ tó ṣáájú Bahá'u'lláh, tó kéde ara rẹ̀ ní Ṣírásì ní 1844, tí wọ́n sì yìnbọn pa ní Tàbírísì ní 1850, ní ẹ̀gbọ́n ìyá kan tí kò lè gbà pé ọmọ tó ṣojú òun dàgbà ni Ẹni Ìlérí. Ó rìnrìn àjò lọ sí Ìráàkì, ó dé ọ̀dọ̀ Bahá'u'lláh ní Bàgídáàdì, ó sì kọ gbogbo iyèméjì rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì àti òru méjì ni Bahá'u'lláh fi dá a lóhùn, ní nǹkan bí 1862. Ìdáhùn yẹn ni Ìwé Ìdánilójú.

Ohun tó wà níbẹ̀ lórí èdìdì nìyí. Ipò méjì ni àwọn Òjíṣẹ́ wà. Ní ipò kìíní, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, Àlùkùránì sì ní a kì í ṣe ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ní ipò kejì, olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀, àkókò tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀, Àlùkùránì kan náà sì ní a gbé àwọn kan ga ju àwọn kan lọ. Oòrùn ni Bahá'u'lláh fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí oòrùn òní bá ní òun ni oòrùn àná, òótọ́ ló sọ, oòrùn kan ṣoṣo ló wà. Bí ó bá sì ní òun yàtọ̀ sí ti àná, òótọ́ náà ni, nítorí ọjọ́ Ajé kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀kan ní ipò kìíní, èyíkéyìí nínú wọn lè ní òun ni ẹni àkọ́kọ́, ó sì lè ní òun ni ìkẹyìn, láìjẹ́ pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀.

Ìyàwó wọn, tó ń wẹ obì lẹ́yìn wa, béèrè pé Ọ̀rúnmìlà ńkọ́. Mo dúpẹ́ pé wọ́n béèrè, torí ó máa ń wà lọ́kàn mi. Àlùkùránì ní gbogbo ìjọ èèyàn ló ní Òjíṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní a ò sọ ìtàn gbogbo wọn. Nítorí náà, a ò gbà pé Ọlọ́run fi àwọn baba wa sínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n a ò lè fi orúkọ tí kò sí nínú Ìwé Mímọ́ wa kún orúkọ àwọn Òjíṣẹ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ibi tí mo mọ̀ mọ níbẹ̀ nìyẹn, mo sì dúró síbẹ̀.

Àlàájì dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "O ní ẹ̀gbọ́n ìyá yẹn kọ ọ́ sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n fa ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò obì, wọ́n ya ojú ìwé kan, wọ́n kọ ìbéèrè méjì síi.

Ó wà níwájú mi báyìí. Èkíní: bí oòrùn bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí Bíbélì ní wọ́n kan Ísà mọ́ igi, tí Àlùkùránì ní wọn ò pa á? Mo mọ ohun tí a gbà gbọ́: wọ́n kan ara rẹ̀ mọ́ igi lóòótọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ni apá wọn ò ká. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé Àlàájì á tún bi mí sí i.

Èkejì: "Ẹ ní òmíràn máa dé. Tó bá dé, tó yí ojú yín kúrò ní Ákà ní àárín ìrun, ta ló máa bá a yí nínú yín?" Bahá'u'lláh ní kò níí dé kí ẹgbẹ̀rún ọdún tó pé, ó kéré tán. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀, mo sì fà á nù. Ọdún kọ́ ni wọ́n béèrè.