Òjìji etí àkẹtẹ̀

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Iná ò lọ lónìí, iṣẹ́ mẹ́ta jáde, ìyókù di ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ kan ni kò tíì kúrò létí mi. "Ẹ má ṣèyọnu, mà, a máa fọ̀ ọ́ kúrò." Ọmọ iṣẹ́ kan ló sọ ọ́ fún màmá tó gbé fọ́tò bàbá wọn wá. Bàbá dé àkẹtẹ̀ nínú oko lọ́sàn-án gangan, òjìji etí àkẹtẹ̀ sì dábùú ojú wọn láti iwájú orí dé ìdajì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fọ̀ ọ́ kúrò. Bí ẹni pé ẹrẹ̀ ló ta sí wọn lójú.

Àbàwọ́n là ń fọ̀. Ohun tó wà lábẹ́ òjìji kò sọnù. Awọ wà níbẹ̀, ìhunjọ ẹ̀gbẹ́ ojú wà níbẹ̀, ilà wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló dín. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ á mú Healing Brush nínú Photoshop, á máa bu awọ tó mọ́ nísàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ bo èyí tó ṣókùnkùn lókè. Healing Brush sì máa ń po àwọ̀ àyíká ibi tó bá kàn mọ́ ohun tó bù wá, nítorí náà bó bá ti dé ààlà òjìji, gbogbo rẹ̀ á dà rú bí àdí tó dà sínú omi. Ilà bàbá á sì ti lọ. Màmá yẹn á rí i kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tó dín, ńṣe là ń dá a padà. Ká kọ́kọ́ mọ iye tó dín. Nínú Photoshop, F8 ló ń ṣí Info, tó ń fi iye pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù hàn láti 0 dé 255. Kí Sample Size wà ní 5 by 5 Average, kí píksẹ́lì ẹyọ kan má baà tan ni jẹ. Ibi méjì ni mo wò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà, ọ̀kan nísàlẹ̀ ààlà, ọ̀kan lókè rẹ̀, kò ju ìbú ìka kan lọ sí ara wọn. Ibi tí oòrùn pa, pupa 168, àwọ̀ ewé 118, búlúù 92. Inú òjìji, pupa 62, àwọ̀ ewé 46, búlúù 42.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó dín lára pupa ju ti búlúù lọ. Oòrùn kọ́ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji, ojú ọ̀run ni, ojú ọ̀run sì fi búlúù sí i. Bí a bá fi ìlọ́po kan náà gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, tí pupa bá dé 150, búlúù á ti dé 102, ojú á wá rí bí ojú ẹni tó fi eérú pa ara. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ya àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ nínú Curves, tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní Red, Input 62, Output 150. Ní Green, 46 sí 105. Ní Blue, 42 sí 82.

Ìdí tí n kò fi lọ dé 168 ni pé awọ tí oòrùn pa ní dídán tirẹ̀, òógùn àti epo ara ń kọ mọ̀nà. Kò sí dídán yẹn nínú òjìji, Curves ò sì lè dá a sílẹ̀. Bí a bá fi agídí gbé e dé 168, á funfun bí ìgbà tí wọ́n bu àtíkè sí i. 150 tó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òjìji máa ń ní búlúù. Kì í ṣe ìgbà gbogbo o. Abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ imú, ilẹ̀ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn, bí ilẹ̀ yẹn bá sì pupa bí ti oko wa, òjìji ibẹ̀ á pupa ju ibi tí oòrùn pa lọ. Nọ́ńbà ni kí á tẹ̀ lé, kì í ṣe ìrántí àná.

Fọ̀ ọ́ kúrò...

Ààlà ló ń gba àsìkò. Curves ní Layer Mask tirẹ̀, ìbòjú tó ń sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ á ti hàn. Ctrl+I máa ń sọ ọ́ di dúdú, tí Curves ò fi ní hàn níbì kankan. Ibi tí a bá wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kùn nìkan ló máa mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n etí òjìji kì í gún ketekete. Oòrùn fẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀run, bí ìdajì dígírì, nítorí náà etí òjìji máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jíjìnnà ohun tó dí oòrùn. Etí àkẹtẹ̀ tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ààlà rẹ̀ ò ju mílímítà kan lọ. Ẹ̀ka igi tó wà ní mítà 3 lókè orí, ààlà tirẹ̀ á sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 3. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan náà kò lè bá méjèèjì mu. Mo sún un mọ́ra dé 200%, mo ka píksẹ́lì láti ibi tó dúdú dé ibi tó mọ́, mo sì fún Feather, tó ń mú etí Layer Mask rọ̀, ní nǹkan bí ìdajì iye yẹn. Bí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ kù, kíkùn náà kò dé ibi tó yẹ. Bó bá jẹ́ ìlà funfun, ó ti kọjá. Layer Mask la ó tún ṣe, kì í ṣe ojú bàbá.

Funfun ẹyinjú, ìdajì ni kí a gbé e. Bó bá mọ́ bí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa tàn bí ojú ológbò lóru. Kí ìbú ìka kan òjìji sì ṣẹ́ kù ní iwájú orí, lábẹ́ etí àkẹtẹ̀ gan-an, ká fi búrọ́ọ̀ṣì eérú kùn ún. Àkẹtẹ̀ tí kò bá ní òjìji rárá á dà bí èyí tí wọ́n gé láti ibòmíràn lẹ̀ mọ́ orí.

Bóyá mo ti le jù sí ọmọ yẹn. Fífọ̀ ní ibi tirẹ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́ igi máńgòrò ni, tí ojú wà nínú ibòji àfi ẹ̀kán oòrùn márùn-ún tàbí mẹ́fà, n kò ní gbé ibòji sókè, ẹ̀kán wọ̀nyẹn ni mo máa rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kán tí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì ti dé 255, kò sí awọ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló kàn án kí a bu awọ láti ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tó bá dúdú dé 0. Fọ́tò bàbá, fóònù ló yà á, JPEG ni. Ìsàlẹ̀ ihò imú ti bọ́ sí 4 àti 5, bí mo ṣe gbé e ló ń hú èérún pupa àti ewé. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní dúdú. Ihò imú ni, ó yẹ kó dúdú.

Ó ku etí òsì. Òjìji ibẹ̀ kò ní ààlà tí mo lè dì mú, ó kàn ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ọrùn. Lálẹ́ yìí mo rí i bí ẹni pé ó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mu. Màá tún wò ó láàárọ̀.