Giri lọ, ọmọ ò jí

Mo mọ giri dáadáa. Bí ara àkọ́bí mi bá ti gbóná jù, á gbọ̀n, ojú á yí, kò sì ní pẹ́ tí á fi jí, tí á máa ké pè mí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ò fi tètè bà mí nígbà tó ṣe àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, nílé wa ní Ìpẹru, lọ́jọ́ kẹta tí ibà ti mú un. Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró, àmọ́ ọmọ ò jí.

Ìyá ọkọ mi ti gbé ìgò ìtọ̀ màlúù dé. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un." Kì í ṣe ọgbọ́n, òórùn rẹ̀ ni mo kórìíra. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ tí kò mọ ara ò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ìtọ̀ màlúù sì máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ohun tí ibà líle fúnra rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ dá ọmọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ gbé e jáde.

Ní Ṣágámù, dókítà fi ìka ọwọ́ tẹ egungun àyà rẹ̀ gidigidi. Ọmọ náà ò gbé ọwọ́ láti tì í kúrò, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Dókítà tan iná sí i lójú láti wo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, torí ó ní wọ́n jọ ti inú ọpọlọ. Ibà ló ti dé ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà wọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn iṣan tíńtínní. Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá dáadáa mọ́, ọpọlọ á sì máa wú, agbárí ò sì lè fẹ̀ fún un.

Omi ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ fà sí i lára. Lẹ́yìn náà ni atẹ́súnéètì, oògùn ibà, mílígíràmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kílò 14 ni, nítorí náà 42 ni wọ́n fún un, wọ́n tún un fún un ní wákàtí 12, lẹ́yìn náà ní wákàtí 24, kó tó di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló lajú.

Mo ti dúpẹ́, mo ti sọ pé ó tán. Ibí ni mo ti ṣì í. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò ríran dáadáa; ìyẹn padà. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ò tètè padà: ọmọ tó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀ wá mọ "omi" nìkan. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ara ò gbóná, ó gbọ̀n. Àwọn ará ilé ní ayé ni. Dókítà ní warapa ni, pé nínú ọmọ mẹ́rin tó bá yè, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣẹ́kù síbi tí nǹkan ti kù díẹ̀ káàtó: ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀kọ́, ìbínú òjijì, tàbí warapa tó máa fara hàn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti gbé e padà lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ dákẹ́, dípò tí mo fi ń sọ pé ó ń ya ọ̀lẹ.

Ó ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sáré wọlé pé, "Mọ́mì, iná ti dé!"