Ohun tí mo sọ fún Ará Ṣàgámù, àti èyí tí mo gbé mì

Sátidé, Ìjẹ̀bú-Òde. Aago mẹ́wàá alẹ́.

Òjò ti mú iná lọ, fóònù mi sì ti fẹ́ kú, torí náà inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà ni mò ń kọ èyí sí. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lọ́la. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣàgámù dé ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí èmi àti ọkùnrin tí mò ń pè ní Ará Ṣàgámù ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀, òní sì ni ìgbà kẹrin tí a fojú kan ara wa. Ó ra ìkọ́kọrẹ́ fún mi ní búkà kan, ó ní kí n tọ́ ọ wò bóyá ti Rẹ́mọ tó ti Ìjẹ̀bú. (Kò tó o. Ata rẹ̀ kéré, ẹja rẹ̀ dà bí ẹni tó kàn gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò sọ fún un.) Ibi tá a ti ń jẹun ló ti béèrè ohun tí mo ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ méjì: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an láàárín ẹ̀yin àti bàbá ọmọ yín?”

Mo mu omi. Mo ní, “A ò gbọ́ra wa yé, a pínyà, kóòtù sì ti tú u ká. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kó ṣe díẹ̀ ná.”

Ó ní kò burú. Ó mú ẹran kan nínú abọ́ mi, ọ̀rọ̀ sì kọjá.

Ká ní ọdún méjì sẹ́yìn ni, ìdáhùn yẹn ì bá gbà mí ní wákàtí méjì. Mo mọ̀, torí ó gbà mí ní wákàtí méjì lóòótọ́. Ọkùnrin kan ní Agọ́-Ìwòyè ni. Ìgbà kejì tá a máa ríra ló kàn bi mí pé ṣé mo ti lọ́kọ rí, ni ẹnu mi bá já bí ìdè àpò gààrí. Mo sọ ti owó ṣọ́ọ̀bù mi tí ọkọ mi mú lọ, mo sọ ti ìyá ọkọ, mo sọ ti alẹ́ tí mo gbé ọmọ pọ̀n tí mo wá ọ̀kadà lọ sílé Màámi láìwọ bàtà. Mo sunkún. Ó fún mi ní aṣọ ìnujú. Nígbà tí mo délé, ara mi fúyẹ́ bíi tẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, mo sì ṣe bí ìfẹ́ ni ìfúyẹ́ yẹn. Ó ṣe mí bíi pé a ti mọra láti ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí èmi mọ̀ nípa tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ìlú rẹ̀, àti pé kì í jẹ ẹ̀wà.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń pè mí bí ẹni ń pe aláìsàn. Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ò máa ronú? Mi ò ráàyè jẹ́ ẹnì kankan mọ́ lójú rẹ̀ yàtọ̀ sí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fìyà jẹ. Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì, oníbàárà kan dá mi dúró nítorí ìró àti bùbá ìnáwó, mo pẹ́ kí n tó dé ibi tá a fàdéhùn sí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Abájọ tí ti àkọ́kọ́ fi ń bá yín jà.” Ibẹ̀ ni a parí rẹ̀ sí. Ọ̀kọ̀ tó fi gún mi, èmi ni mo rọ ọ́, èmi ni mo pọ́n ọn, èmi ni mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn. Mi ò rò pé òótọ́ tí mo sọ ló ba nǹkan jẹ́. Ohun kan ni pé èmi nìkan ló ń sọ, òun ń gbọ́. Bí èmi bá sọ kan, kí òun náà sọ kan, ká jọ máa wọ omi náà lọ díẹ̀díẹ̀ ló yẹ. Ìkejì ni pé ìbínú ò tíì tán lára mi. Gbogbo gbólóhùn tí mo sọ lọ́jọ́ náà, “ó” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ó ṣe báyìí, ó sọ báyìí. Kò sí “mo” kan ṣoṣo níbẹ̀. Òun ni mo fi ń dán ara mi wò báyìí. Tí mi ò bá tíì lè sọ ìtàn ìgbéyàwó yẹn kí n sì dárúkọ ibi tí èmi náà ti ṣì í, ìtàn náà ò tíì jinná, mi ò gbọ́dọ̀ bù ú fún àlejò.

Màámi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní nígbà tiwọn, ta ló ń jókòó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ọkùnrin? Wọ́n á fojú sóde, alárinà á wọ̀ ọ́, ìdílé á sì ṣe ìwádìí kí ọmọbìnrin tó ṣíhùn rárá. Ohun tí wọ́n ń wádìí ò pọ̀: ṣé wárápá wà nílé yẹn, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà, ṣé wọ́n máa ń jalè, ṣé gbèsè wà lọ́rùn wọn, ṣé ọkùnrin yìí ti níyàwó níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ta ló kọ́kọ́ pariwo mọ́ ẹnì kejì lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan. Ohun tó lè yí ìpinnu ẹni padà ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń wá a kí ọkàn tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ wa kan ló fún Ará Ṣàgámù ní nọ́ńbà mi, Wasáàpù la sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí alárinà níbẹ̀. Mo wá pinnu pé èmi ni màá ṣe alárinà ara mi: ohun tí ìwádìí ìjọ́sí ì bá rí, ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní gbólóhùn méjì-mẹ́ta péré.

Ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ sọ, lórí fóònù, kí a tó ríra. Ọmọ ọdún méje, ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Ìkejì ni jẹ́nótáìpù. Mi ò lè fi ìyẹn ṣeré. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, èmi àti ẹnì kan ti fẹ́ra fún ọdún méjì, a ti mú àwọ̀ aṣọ ẹbí, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ká lọ ṣàyẹ̀wò. AS ni èmi, AS ni òun náà. Gbogbo ìgbà tí irú wa bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde, bí wọ́n bá sì ti bí ọ̀kan láìsí i, ìyẹn ò ní kí ìkejì bọ́. A tú u ká. Ó dùn mí ju ti kóòtù lọ, ká sòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti sọ fún Ará Ṣàgámù pé AS ni mí. Ó ní AA ni òun, ó fi ìwé hàn mí, ṣùgbọ́n ìwé ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni. Mo ní ẹ má bínú o, ẹ bá mi tún un ṣe níbòmíràn, torí mo ti rí ẹni tí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ méjì ń bá ara wọn jà. Ó lọ. AA náà ló bọ́ sí.

Ìkẹta ni kóòtù, ibẹ̀ ni mo sì ti rí nǹkan. Mo sọ fún un pé rẹ́jísírì la ṣe, kóòtù gíga ló tú u ká, pé lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta ni a dúró kó tó di àṣekágbá, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Òun náà ní, “Èmi náà ti kọ ìyàwó mi sílẹ̀. Ẹbí rẹ̀ ti dá owó orí padà láti 2019.”

Mo bi í pé, “Ṣé ẹ ò ṣe rẹ́jísírì ni?”

Ó ní àwọn ṣe é, ní 2014, l’Ékòó.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Owó orí tí wọ́n dá padà tú ti ìbílẹ̀ ká, kò kan ti rẹ́jísírì. Kóòtù gíga nìkan ló lè tú ìyẹn, títí di ìgbà náà, ọkọ ẹni ṣì ni lábẹ́ òfin, tó bá sì tún lọ fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni. Ó dákẹ́. Mo rò pé ó máa bínú. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló pa, kò mọ̀ ni. Ká ní mo ní kó sọ ìtàn bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe jà ni, à bá jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì ní mọ ohun yẹn. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ló lọ bá lọ́yà. Lọ́yà ní níwọ̀n bí wọ́n ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ju ọdún mẹ́ta gbáko lọ, ìyẹn nìkan tó láti fi pe ẹjọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní mò ń fi nǹkan pamọ́, pé ó yẹ kí ọkùnrin mọ̀ pé wọ́n ti nà mí rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n. Ká ní bàbá ọmọ mi ṣì ń wá síta ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ajé wá halẹ̀ ni, mà bá ti sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, torí ewu yẹn á kan òun náà. Ṣùgbọ́n kò wá mọ́. Bàbá ọmọ mi náà sì ni, ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí ìtàn yẹn kí àlejò tó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá bi mí pé òun ni ẹlẹ́ẹ̀kelòó, mi ò ní dá a lóhùn rárá.

Ìṣòro tó kù ni pé Ìjẹ̀bú ni mo wà. Lọ́jọ́ Túsìdeè, oníbàárà kan tó wá gba bùbá rẹ̀ jókòó ti mí, ó ní, “Mo gbọ́ pé ará Ṣàgámù kan ń wá sọ́dọ̀ rẹ.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó lé ìyàwó ọkùnrin náà lọ. Ó yẹ kí n dá a lẹ́kun. Mi ò dá a lẹ́kun. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ mi jẹ́jẹ́ kí n lè máa gbọ́.

Ó wá wúwo lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn pé mo mọ ohun tí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Nígbà tá a jẹun tán lónìí, mo ní, “Ẹnì kan ti bá mi sọ̀rọ̀ yín o.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Èwo nínú ẹ? Ti ìyàwó mi ni àbí ti ìyá mi?”

“Ti oníbàárà mi.”

“Háà, mi ò tíì gbọ́ ìyẹn. Ẹ sọ ọ́ fún mi.”

Mo kọ̀. A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá olóúnjẹ di ìkọ́kọrẹ́ sínú náílọ́nù fún ọmọ mi, mo sì gbé e wọkọ̀. Ọmọ náà jí nígbà tí mo wọlé, ó jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

“Màámi, ta ló se èyí? Kò fi ata sí i.”

Mo ní kó jẹun kó lọ sùn.