"Ọkọ̀ Dà?": Ìdí Tí Mo Fi Ń Wọ Bọ́ọ̀sì ní Bolton

Gbogbo ẹni tó bá pè mí láti ilé ló ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́yìn ìkíni: ọkọ̀ wo lò ń gùn báyìí? Ìyá mi kò tiẹ̀ béèrè mọ́, wọ́n ti gbà pé mo ti rà á, pé mo kàn ń fi pamọ́ fún wọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sọ ọ́ sójú mi pé ọmọ àdúgbò wa tó lọ sí Texas kò pẹ́ rárá tó fi ya fọ́tò pẹ̀lú mọ́tò tirẹ̀, pé kí ni èmi wá ń fi pọ́n-ùn ṣe? Mo ṣàlàyé títí, àwáwí ni wọ́n kà á sí.

Mo ní ọkọ̀ nígbà tí mo wà l'Ékòó. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí mọ ohun tó ń mú èèyàn ra mọ́tò: òjò ní Ọjọ́ta, kọndọ́ tí kò ní ṣénjì, ìbẹ̀rù wọ́n-ṣáànsì lálẹ́. Epo àti mẹkáníìkì ni wàhálà ọkọ̀ níbẹ̀, pàápàá láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ìwé ọkọ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ìńṣọ́ránsì tó kéré jù tí òfin béèrè, 5,000 náírà ni tẹ́lẹ̀, ó di 15,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, torí ọlọ́pàá ojú títì sì ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń rà á. Ohun tí àwọn ará ilé mọ̀ nìyẹn. Wọ́n rò pé bí èèyàn bá ti lówó ọkọ̀ lọ́wọ́, ó ti bùṣe.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ọkọ̀ ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa fẹ́ ta Toyota Yaris àlòkù kan fún mi ní pọ́n-ùn 3,000, owó tí mo lè tu jọ. Mo wá wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti wo iye tí ìńṣọ́ránsì rẹ̀ máa jẹ́. Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, àdírẹ́sì mi, iṣẹ́ mi, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé, àfi ìgbà tí wọ́n béèrè orílẹ̀-èdè tí mo ti gba láísẹ́ńsì. Nígbà tí mo yan Nàìjíríà, iye tó wọ́n kéré jù tí wọ́n gbé wá lé ní pọ́n-ùn 2,100 fún ọdún kan. Gbogbo ọdún tí mo fi wakọ̀ ní Ìkòròdú láìkọlu ẹnikẹ́ni, wọn kò kà á sí nǹkan kan. Bí mo bá sì fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, èlé tún wà lórí rẹ̀.

Ká ní mo tiẹ̀ san án, ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì ló máa dá mi dúró. Láísẹ́ńsì Nàìjíríà wúlò níbí fún oṣù 12 péré, ọjọ́ tí èèyàn bá sì ti di olùgbé ibí ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó ra ọkọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ọmọ wọn lè mú láísẹ́ńsì wọn wá pààrọ̀ tààrà, Nàìjíríà kò sí lára wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá lo oṣù mẹ́jọ kó tó tu owó ọkọ̀ jọ, tó wá san ìńṣọ́ránsì ọdún kan, oṣù mẹ́rin péré ló máa fi wakọ̀ náà fàlàlà. Lẹ́yìn ìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ni òfin kà á sí. Ó gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́, kó lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tó sì ti ní láísẹ́ńsì fún ọdún mẹ́ta jókòó tì í ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wà á. Ta ló fẹ́ bá mi jí ní aago márùn-ún òwúrọ̀ láti jókòó tì mí dé ibi iṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń wakọ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, torí ìwé ìńṣọ́ránsì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ewu ibẹ̀ nìyẹn. Bí láísẹ́ńsì kò bá bófin mu mọ́, ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì lè yọwọ́ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá ẹni tí kò ní ìńṣọ́ránsì dúró, pọ́n-ùn 300 ni ìtanràn, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà lórí láísẹ́ńsì, wọ́n sì lè gba ọkọ̀ náà lọ. Àmì mẹ́fà yẹn gan-an sì ni wọ́n fi ń fagi lé láísẹ́ńsì ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege.

Ìdánwò tí èèyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó gba láísẹ́ńsì ibí kì í ṣe eré. Ti orí kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè 50, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 43, kó tún wo fídíò kéékèèké 14 láti tọ́ka sí ewu tó ń bọ̀ lójú títì. Lẹ́yìn náà ni ti ojú títì, tí èèyàn lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rí ọjọ́ gbà. Àṣìṣe kékeré 15 kò ní kó fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ẹyọ ńlá kan ti tó. Àwa tí a ti wakọ̀ l'Ékòó ni ọwọ́ wa le jù, torí a kì í wo díńgí kó tó di pé a ya, a sì gbà pé hóònù ni a fi ń sọ̀rọ̀.

Mo wá ṣírò ti bọ́ọ̀sì. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni ìjọba Greater Manchester ti gba bọ́ọ̀sì padà sọ́wọ́ ara rẹ̀, Bolton àti Wigan ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Pọ́n-ùn méjì ni ìwọlé kan, pọ́n-ùn 80 sì ni mo ń san fún ọjọ́ 28, ibi tó bá wù mí ni mo lè wọ̀ ọ́ lọ láàárín rẹ̀. Bọ́ọ̀sì 36 láti Bolton sí Manchester ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti 2024, ìyẹn ló sì gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bíi tèmi là. Lọ́dún kan, owó bọ́ọ̀sì jẹ́ pọ́n-ùn 1,040. Mo fi Uber kún un, nǹkan bíi pọ́n-ùn 45 lóṣù, torí àárọ̀ Sunday tí bọ́ọ̀sì máa ń ṣọ̀wọ́n àti ọjọ́ tí mo bá ra ìrẹsì àpò ńlá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 1,580. Ìńṣọ́ránsì Yaris yẹn nìkan ti jù ú lọ, ká má tíì sọ epo, owó orí ọkọ̀ àti àyẹ̀wò ọdọọdún.

Ẹ má rò pé ó dùn mọ́ mi. Ọkọ̀ orí fóònù l'Ékòó, dírẹ́bà á kọ́kọ́ pè láti béèrè ibi tí mò ń lọ àti bóyá káàṣì ni, bí kò bá sì wù ú, ó ti fagi lé e. Níbí, kò sẹ́ni tó ń pè, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ tàbí tí ilé ọtí bá ń pa ilẹ̀kùn lálẹ́ Saturday, owó á ga lójijì. Bọ́ọ̀sì náà dákẹ́ jù. Nínú dánfó, wọn ì bá ti bú ìjọba, ta agbo, wàásù, kí a tó dé Òṣòdì. Nínú 36, kálukú ló wojú fóònù rẹ̀, èmi náà sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé lábúlé kan ní Lincolnshire kò lè ṣe ohun tí mò ń ṣe yìí. Ojúlé-dé-ojúlé ló ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ilé mẹ́ta, mẹ́rin láàárọ̀, kò sì sí bọ́ọ̀sì tó lè bá a sáré yẹn, àwọn agbaniṣíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń béèrè láísẹ́ńsì kí wọ́n tó gbani. Dandan ni ọkọ̀ fún un. Ojú kan ni iṣẹ́ tèmi wà, bọ́ọ̀sì kan ló ń gbé mi débẹ̀.

Nítorí náà mo ti sọ fún ẹni tó fẹ́ ta Yaris pé kó tà á fún ẹlòmíràn. Láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi pọ́n-ùn 34 gbà, ti orí kọ̀ǹpútà ni mò ń kà fún báyìí, ìwé àṣeyege rẹ̀ sì máa ń wúlò fún ọdún méjì. Láàárín ìgbà yẹn ni mo fẹ́ ṣe ti ojú títì, kí n tó tún wo iye ìńṣọ́ránsì. Bí ó bá ṣì ju owó bọ́ọ̀sì àti Uber lọ, ọdún mìíràn nìyẹn nínú 36, kí ẹ̀gbọ́n mi sì máa bínú lọ.