Ògiri tó mu gálọ́ọ̀nù méjì

Àfọwọ́fà ara mi ni, nítorí náà ẹ rẹ́rìn-ín yín bó ṣe wù yín.

A fi yàrá kan kún ilé wa ní Kubwa. Bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri, a fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì, ọyẹ́ sì gbẹ ẹ́ bíi kìlíṣí. Ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Sátidé, inú yàrá yẹn ni wọ́n máa sùn. Mo pe pẹ́ńtà àdúgbò wa, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́. Baba wọlé, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo eruku tó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ọ̀gá, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta. Tí ẹ bá ra pírámà tí a máa kọ́kọ́ kùn, pẹ́ńtì á dín."

Ọkàn mi sọ fún mi pé gálọ́ọ̀nù méjì ni ti ògiri, ẹ̀kẹta ni ti Baba. Pírámà ńkọ́? Ìyẹn ni ti ìyàwó Baba.

Mo mú téèpù. Yàrá náà gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, ó sì ga ní mítà 3. Téèèyàn bá yí i po, mítà 14 ni. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3, ó di mítà onígun mẹ́rin 42 lórí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo yọ ilẹ̀kùn kan, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 2. Mo yọ fèrèsé méjì, ìyẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 3. Ó ku 37. Àwọn èèyàn á dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò dúró: mo wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti súwíìṣì kan, mo yọ wọ́n kúrò. Ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Tóbi, ṣé ẹ ò ní yọ ojú ìṣó?"

Wọ́n kọ ọ́ sára gálọ́ọ̀nù pé lítà kan á kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa kùn ún, àpapọ̀ rẹ̀ 74. Lítà 7 àti díẹ̀. Gálọ́ọ̀nù méjì jẹ́ lítà 8. Mo ra méjì, mo sì ń fi ọ̀nà ọ̀fun rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Baba ti rólà bọ pẹ́ńtì, wọ́n gbé e lé ògiri. Ojú pẹ́ńtì ò dán rárá. Kí rólà tó dé òkè, ìsàlẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti ṣá. Wọ́n tún bọ̀ ọ́, ògiri tún gbé e mì. Gálọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ kú sí ìdajì yàrá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kìíní parí, gálọ́ọ̀nù kejì ti ṣófo, àfi èyí tó kù nísàlẹ̀, tí kò tó lítà kan.

Mo ní, "Baba, ẹ ń kùn ún nípọn jù."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n bu omi sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n fà mí lọ sí ara ògiri kọ́rídọ̀ tí a kò tíì kùn, wọ́n sì dà á sí i. Ògiri fà á mu lójú ẹsẹ̀, ojú ibẹ̀ dúdú, ẹ̀kán kan ò kàn ilẹ̀. Wọ́n da ìyókù sára ibi tó ti gba pẹ́ńtì tó sì ti gbẹ, omi yọ̀ wálẹ̀ tọ̀ọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ti ara gálọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ kà yẹn, ògiri tó ti yó ni. Èyí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kìíní, lítà kan ò kùn ju mítà 5 lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì ló máa kun 10, torí ihò ara rẹ̀ ti dí. Pírámà ni ì bá dí i."

Mo ṣírò ọ́ nínú ikùn mi. 37, kí a pín in sí 5, lítà 7 àti díẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kìíní nìkan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó lítà 4. Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta géérégé! Ohun tí mo yọ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ò tó ṣíbí pẹ́ńtì kan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wọ mọ́tò lọ ọjà Dei-Dei, mo ra ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo ṣí i nílé, àyà mi já: ó fi díẹ̀ pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ àwọ̀ kan náà ló wà lára rẹ̀. Baba ò janpata. Wọ́n da ìyókù ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n rò ó pọ̀ dáadáa, wọ́n sì fi ọ̀kan ṣoṣo yẹn kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò fi ti àná parí ògiri kankan. Kò síbi tí èèyàn ti lè sọ pé àwọ̀ méjì ni.

Lálẹ́, mo ń ka owó iṣẹ́ lé Baba lọ́wọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n tì í sápò, wọ́n wá na kọ́ọ̀bù kékeré kan sí mi, pẹ́ńtì díẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gbà. Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ yọ nìyẹn."